Ó Gbọ́ Orúkọ Rẹ̀, Kò Gbọ́ Iṣẹ́ Tí Mo Rán An

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, nílé wa níbí ní The Woodlands. Mo ń dín dòdò. Ọmọ mi ọkùnrin jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, ó fi íapíìsì sí etí kan ṣoṣo, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn tí tíṣà wọn ní kí wọ́n gbọ́, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Dìde, kó o gbé àwo sórí tábìlì, kó o sì pe àbúrò rẹ wá." Kò dá mi lóhùn. Mo tún un sọ. Ó dákẹ́. Inú bí mi, mo wá pe orúkọ rẹ̀. Kíá ló gbé orí sókè: "Ẹ̀ẹ́n, Mà?"

Mo ní, "O ti ń gbọ́ mi látẹ̀ẹ̀kan, o kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni." Ó ní rárá, òun ò gbọ́ nǹkan kan, orúkọ òun nìkan lòun gbọ́. Lójú mi, irọ́ gbáà ni. Etí tó gbọ́ orúkọ, kí ló dí i tí kò fi gbọ́ iṣẹ́? Mo gba fóònù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo rántí pé mo ti ka nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo padà lọ kà á. Ìbéèrè tí mo bi ọmọ mi nínú ìbínú, àwọn onímọ̀ ti fi ọdún tó lé ní ogún jà lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe wádìí rẹ̀, kí ẹ tó dá ẹjọ́.

Etí méjì, ọ̀rọ̀ méjì

Ní ọdún 1953, Colin Cherry, olùkọ́ ní Imperial College ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìwádìí kan jáde. Ohun tó ń rò ni nǹkan tí gbogbo wa mọ̀ ní òde ìnáwó: àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ ẹ lè gbọ́ ẹni kan ṣoṣo tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Báwo ni etí ṣe ń yan ohùn kan láàárín ọ̀pọ̀?

Cherry fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí etí èèyàn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan ń wọ etí ọ̀tún, ọ̀rọ̀ mìíràn ń wọ etí òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí ẹni náà máa wí tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ etí kan. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń wí tẹ̀ lé pásítọ̀ nígbà àdúrà. Ó jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ níhìn-ín kò sí ìdánudúró: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ etí ló gbọ́dọ̀ máa jáde lẹ́nu. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ yìí le débi pé ọkàn kò ní àyè láti rìn lọ sí etí kejì. Bí ó bá sì rìn lọ, ẹnu yóò kọsẹ̀, ẹni tó ń ṣèwádìí yóò sì mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Cherry bi wọ́n ní ìbéèrè nípa etí kejì. Wọ́n mọ̀ pé èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ohùn ọkùnrin bá yí padà di ohùn obìnrin, wọ́n mọ̀. Bí ó bá di ohùn ẹ̀rọ tó ń dún gbọọrọ, wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kúrò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó bọ́ sí èdè Jámánì, wọn kò mọ̀. Wọ́n gbọ́ ìró, wọn kò gbọ́ ìtumọ̀.

Ṣé ẹ̀wà là ń ṣà, àbí ògì là ń sẹ́?

Ní Kémbíríìjì, Donald Broadbent ń ronú lórí irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Àwọn tó ń darí bàlúù láti ilẹ̀ máa ń gbọ́ ohùn awakọ̀ òfuurufú méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá ẹni tó tọ́ lóhùn. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1958, ó ní asẹ́ kan wà nínú ọkàn wa, àti pé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló wà, kí ìtumọ̀ tó dé.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà. A kò ní láti sè é ká tó mọ èyí tó jẹ́ òkúta. Ojú la fi ń wò ó, èyí tí kò dára a ó sọ nù, kò ní dé inú ìkòkò rárá. Asẹ́ Broadbent ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wo òde ara ọ̀rọ̀ nìkan: etí wo ló gbà wọlé? Ohùn ọkùnrin ni àbí ti obìnrin? Ó lọ sókè ni àbí ó wà nísàlẹ̀? Èyí tí kò bá yàn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ wa láéláé. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìsẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó sì bá ohun tí Cherry rí mu pátápátá.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi parọ́. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ìró lásán, ìtumọ̀ ni. Asẹ́ tí kò mọ ìtumọ̀ kò lè jẹ́ kí orúkọ kọjá kó sì dá iṣẹ́ dúró, nígbà tí ohùn ìyá kan náà ló gbé méjèèjì wá.

Ọdún kan lẹ́yìn ìwé Broadbent, Neville Moray dán èyí gan-an wò. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan dún ní etí tí àwọn èèyàn kò kọbi ara sí, ní ìgbà 35. Nígbà tí ó bi wọ́n, wọn kò dá àwọn ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi àṣẹ sí etí kan náà, irú bíi pé kí wọ́n dúró. Bí àṣẹ náà bá wá lásán, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Bí ó bá fi orúkọ ẹni náà ṣáájú, wọ́n gbọ́ ọ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà. Nígbà tí Noelle Wood àti Nelson Cowan tún ìdánwò orúkọ yìí ṣe pẹ̀lú ìṣọ́ra ní 1995, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ṣe é ló gbọ́ orúkọ wọn.

Ẹ fọkàn sí i: àwọn kan gbọ́ orúkọ láìgbọ́ ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ọmọ mi sọ fún mi gan-an nìyẹn.

Àlàyé méjì tó forí gbárí

Èyí fọ́ asẹ́ Broadbent, àlàyé méjì sì dìde láti tún un ṣe.

Tọkọtaya kan, Anthony Deutsch àti Diana Deutsch, sọ ní 1963 pé kì í ṣe ẹ̀wà là ń ṣà, ògì là ń sẹ́. Ẹni tó ń ṣe ògì, gbogbo àgbàdo ló ń lọ̀, ìgbà tó bá kúnná tán ló ń sẹ́ ẹ, tí ògì fi ń lọ sísàlẹ̀, tí èèrí fi ń kù lókè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ń ṣe: gbogbo ọ̀rọ̀ tó wọ etí méjèèjì ni ó ń túmọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò mú èyí tó ṣe pàtàkì jù wá sí ìmọ̀ wa. Ìsẹ́ ìkẹyìn nìyí. Orúkọ ṣe pàtàkì, nítorí náà ó jáde.

Anne Treisman, ní Oxford, kò gbà pé nǹkan lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣe ìdánwò kan ní 1960 tí ọ̀rọ̀ etí méjèèjì fi pààrọ̀ ara wọn láàárín gbólóhùn. Ká fi ti wa ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ ń wí tẹ̀ lé etí ọ̀tún tó ń sọ pé "Màmá gbé ìkòkò ọbẹ̀ ka..." lójijì ó di "...ọkọ̀ náà kò sì dúró." Ibi tí ìyókù gbólóhùn àkọ́kọ́ wà ni etí òsì: "...iná, ó sì da epo sí i." Treisman rí i pé àwọn kan sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì láti etí tí wọn kò yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé, nítorí pé òun ló bá gbólóhùn náà mu, kí wọ́n tó padà sí etí tí a yàn fún wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn kúrò níbẹ̀. Ní 1964, ó tún lo àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà ní etí méjèèjì, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní Faransé. Àwọn kan nínú wọn mọ̀ pé ìtumọ̀ kan náà ni. Ẹ̀yin ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́, ìdánwò yín nìyẹn.

Àlàyé Treisman ni pé asẹ́ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ti ilẹ̀kùn. Ńṣe ló ń dín agbára ọ̀rọ̀ kù, bí ẹni tó yí rédíò sílẹ̀ tí kò pa á. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn wa sì ní odi kékeré kan tó gbọ́dọ̀ fò kọjá kí a tó mọ̀ pé a gbọ́ ọ. Odi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ga, ohùn tí a ti yí sílẹ̀ kò lè fò ó. Odi orúkọ ẹni ló rẹlẹ̀, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń retí nínú gbólóhùn, odi tirẹ̀ náà a máa rẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Ìdánwò tó ya wọ́n

Àlàyé méjèèjì gbà pé orúkọ lè kọjá. Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó tọ̀nà? Treisman àti Gina Geffen wá ibi tí wọ́n ti yapa ní 1967. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa wí tẹ̀ lé etí kan bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan pàtó ní èyíkéyìí nínú etí méjèèjì, kí wọ́n kan nǹkan pẹ̀lú ọwọ́.

Ẹ wò ó bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ni ọkàn ń lọ̀ bí ògì, ọ̀rọ̀ pàtó yẹn ti di ohun pàtàkì, kò yẹ kí etí tó ti wọlé mú ìyàtọ̀ wá. Bí ó bá jẹ́ pé asẹ́ ti dín agbára etí kejì kù, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni wọn kò ní gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní etí tí wọ́n ń tẹ̀ lé, wọ́n mú nǹkan bí 87 nínú ọ̀rọ̀ 100. Ní etí kejì, nǹkan bí 8 péré.

Deutsch àti Deutsch kò gbà. Wọ́n ní ìdánwò náà ní ojúsàájú: ẹnu pẹ̀lú ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ etí tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lórí ti èkejì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ ti ní iyì ju ti èkejì lọ. Àríwísí tó ní láárí ni. Ní 1969, Treisman àti Jenefer Riley tún ìdánwò náà ṣe, wọ́n sì mú ojúsàájú yẹn kúrò: bí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ pàtó náà ní etí èyíkéyìí, dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí o kan ọwọ́ rẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n mú nǹkan bí 76 nínú 100 ní etí tí wọ́n ń tẹ̀ lé, àti 33 ní etí kejì. Àlàfo náà kéré sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà òtítọ́ díẹ̀ wà nínú àríwísí tọkọtaya náà. Ṣùgbọ́n àlàfo náà kò parẹ́. Nígbà tí ohùn mìíràn bá sì sọ ọ̀rọ̀ náà, yàtọ̀ sí ohùn tó ń sọ ìyókù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti etí méjèèjì. Òde ara ọ̀rọ̀ ń kọjá wẹ́rẹ́, ìtumọ̀ ló ń há.

Ìjà náà kò parí síbẹ̀. Ní 1995, Nilli Lavie sọ pé ibi tí asẹ́ wà sinmi lórí bí iṣẹ́ tó wà níwájú wa bá ṣe wúwo tó. Bí iṣẹ́ náà bá gba gbogbo agbára ojú tàbí etí wa, nǹkan mìíràn kò ní rí àyè wọlé. Bí ó bá fúyẹ́, agbára tó ṣẹ́ kù yóò máa túmọ̀ ohun tí a kò pè. Ìdí nìyí tí ọmọ tó ń wo àwòrán eré tó ti wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta fi lè gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ ní pálọ̀, tí ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ tuntun kò fi ní gbọ́.

Ta ló ń gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Ohun kan ṣì kù tó yí èrò mi padà. Èmi ti rò pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ pé ni yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀ kíákíá. Ní 2001, Andrew Conway, Nelson Cowan àti Michael Bunting dán èyí wò. Wọ́n kọ́kọ́ wọn bí ọkàn èèyàn ṣe lè di nǹkan mú tó nígbà tó ń ṣe nǹkan mìíràn: ẹ ṣe ìṣirò kékeré, ẹ há ọ̀rọ̀ kan sórí, ẹ ṣe ìṣirò mìíràn, ẹ há ọ̀rọ̀ mìíràn, lẹ́yìn náà ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n mú àwọn tó ṣe dáadáa jù àti àwọn tí tiwọn kéré jù, wọ́n sì fi orúkọ wọn sí etí tí wọn kò tẹ̀ lé.

Nínú àwọn tí ọkàn wọn di nǹkan mú dáadáa, 20 nínú 100 ló gbọ́ orúkọ wọn. Nínú àwọn tí tiwọn kéré, 65 nínú 100. Àwọn tí ọkàn wọn tètè ń ṣí kúrò lórí iṣẹ́ ló gbọ́ ọ jù. Nítorí náà, ọmọ tí ẹ pè lẹ́ẹ̀kan tí kò dáhùn, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹ ní kó ṣe ló ń ṣe gidigidi. Èyí tó sì ń dáhùn gbogbo ìpè, ó lè jẹ́ pé ìwé tó wà níwájú rẹ̀ kò wọ inú rẹ̀ rárá. Àgbàlagbà ni wọ́n lò nínú ìdánwò wọ̀nyí o, nínú yàrá ìwádìí tó dákẹ́. A kò lè fi wọ́n ka iye tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yóò gbọ́ ní ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n wọ́n tó láti fi hàn pé ọmọ mi lè gbọ́ orúkọ rẹ̀, kó má gbọ́ iṣẹ́ tí mo rán an, láìsí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi èyí bojú. Ẹni tó gbọ́ tó sì dákẹ́ wà. Ẹni tí ìró kò tilẹ̀ dé etí rẹ̀ náà wà, nítorí pé ó yí orin sókè débi pé ó bo ohùn mọ́lẹ̀. Asẹ́ inú ọkàn kọ́ nìyẹn, íapíìsì ni. Ẹ̀yin òbí, ohun kẹta tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ yín nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, tí ilé dákẹ́, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí kò bá gbọ́ lẹ́ẹ̀melòó kan, tàbí tó máa ń ní kí ẹ tún ọ̀rọ̀ sọ, tàbí tó máa ń yí tẹlifíṣọ̀n sókè ju ti gbogbo ilé lọ, ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Àwọn tí etí wọn dá ṣáká ni ìdánwò tí mo sọ yìí wà fún.

Ohun tí a yí padà nílé wa kò pọ̀. Mo máa ń pe orúkọ kọ́kọ́, èmi yóò sì dúró títí ojú rẹ̀ yóò fi kò mí, kí n tó rán iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ni mo máa ń kọ́ jù sílẹ̀, orúkọ a wá gbẹ̀yìn pẹ̀lú ìbínú, nígbà tí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ti kọjá. Bí orúkọ kò bá tó, mo máa ń fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Mo tún ronú lórí orúkọ tí mo ń pè. Bí a bá tẹ̀ lé àlàyé Treisman, orúkọ tí wọ́n ń fi pe ọmọ lójoojúmọ́ ni odi rẹ̀ rẹlẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tó jẹ́ pé ìgbà ìbínú nìkan la ń rántí orúkọ Yorùbá rẹ̀, kí la fẹ́ kí orúkọ náà fi dé ọkàn rẹ̀? Ẹ máa pè é nígbà tí inú yín dùn pẹ̀lú.

Ẹ rántí Sámúẹ́lì ọmọdé nínú tẹ́ńpìlì. Orúkọ rẹ̀ ni Olúwa kọ́kọ́ pè, kò sì rán an ní iṣẹ́ kankan títí ọmọ náà fi dáhùn pé òun ń gbọ́. Ó tó ìgbà mẹ́rin tí ìpè náà wá, kò sí ìbínú nínú ọ̀kankan.

Mo dá fóònù ọmọ mi padà ní ọjọ́ kejì yẹn, kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Mo jókòó tì í, mo pe orúkọ rẹ̀, mo dúró títí ó fi yọ íapíìsì létí, mo wá ní, "Òótọ́ lo sọ fún mi. Má bínú." Ó ní kò sí wàhálà, Mà. Ó wá bi mí bóyá èmi náà gbọ́ nígbà tó ń pè mí lánàá, tí mo ń ka nǹkan lórí fóònù mi. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

Mi ò gbọ́.